Wọ́n Ti Sọ Mí Di Màdáàmù Oníbúrẹ́dì

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí. Epo pupa ni mo ń tà ní Òkìtìpupa, kẹ́ẹ̀gì ni mo fi ń tà á, ọkùnrin gbáà sì ni mí lójú gbogbo ọjà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a jẹ púpurú tán, ọmọ mi obìnrin á gbé ìwé Faransé rẹ̀ jáde, á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ṣe Màdáàmù." Olùkọ́ wọn ló pàṣẹ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ẹni tí yóò máa bá a sọ ìtàkùrọ̀sọ inú ìwé náà nílé. Ìyá rẹ̀ ní òun kò lè wà nídìí ọbẹ̀ kí òun tún wà ní Párì. Bó ṣe di tèmi nìyẹn.

Kí n tó ka ẹ̀sùn mi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń mú mi sọ. Bí etí mi ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, nítorí bí àwọn Faransé fúnra wọn ṣe ń kọ ọ́, lẹ́tà mẹ́jọ lè jókòó sínú ọ̀rọ̀ kan kí mẹ́rin péré sọ̀rọ̀.

Oníbàárà: Bọ́njúù, Màdáàmù.
Èmi: Bọ́njúù, Mùsíè. Fù désìré?
Oníbàárà: Jè fúdírẹ̀ ún bàgẹ́ẹ̀tì, sílì fù pùlẹ́.
Èmi: É àfẹ́kì sèsí?
Oníbàárà: Sẹ́ tú. Sẹ́ kọ́mbíẹ̀n?
Èmi: Kátì fùrọ́n.
Oníbàárà: Fùwàlá. Mẹ̀sí, Màdáàmù. Ò rẹ̀fúwáà.
Èmi: Ò rẹ̀fúwáà, Mùsíè.

Ó tán. Ó béèrè búrẹ́dì gígùn kan, mo bi í bóyá ó tún ń fẹ́ nǹkan mìíràn, ó ní ó tán, ó béèrè iye, mo ní faranki mẹ́rin, ó sanwó, ó dágbére. Èmi tí mo ti ń tajà láti kékeré, n kò rí irú ọjà báyìí rí. Oníbàárà kò ní ọjà wọ́n. Kò gbé búrẹ́dì náà yẹ̀ wò bóyá ti àná ni. Màdáàmù kò fi ọmọ rẹ̀ búra pé òun kò jèrè kọ́bọ̀. Owó tí oníbàárà mú wá ṣe rẹ́gí, kò sí ẹni tó ń sáré wá ṣéńjì lọ sí ìsọ̀ kejì. Bó bá ṣe pé báyìí ni a ń tajà ní Òkìtìpupa, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni gbogbo wa ì bá ti máa palẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé ní ilé búrẹ́dì ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ti lẹ iye mọ́ ọjà, ẹnikẹ́ni kì í ná an. Ìyẹn yé mi. Èwo ni ti èmi àti ọmọ mi níbẹ̀? Faranki mẹ́rin yẹn gan-an, àwọn tó ni ín ti pa á tì láti ọdún 2002, Yúrò ni wọ́n ń ná báyìí; ìwé ọmọ mi nìkan ló ṣì ń gbà á. Bí ẹ bá sì ní kí a kà á sí Sẹ́fà, Sẹ́fà mẹ́rin kò ra èérún búrẹ́dì.

Ẹ wo ibi tí a wà ná. Oṣù Kejìlá ọdún 1996 ni Ọ̀gágun Sàní Àbáṣà kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Bẹ̀nẹ̀ ló bá wa pààlà ní ìwọ̀ oòrùn, Nìjẹ́ẹ̀ ní àríwá, Ṣáàdì àti Kamẹrúùnù ní ìhà ìlà oòrùn, gbogbo wọn ló sì ń fi Faransé ṣe ìjọba. Abúlé Faransé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń lọ gbé kí èdè náà lè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, Àjárá l'Àgbádárìgì ni wọ́n kọ́ ọ sí, nítòsí ibodè Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá kúrò ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó ní òun fẹ́ fi Faransé ra nǹkan, ọjà Kútọnù ni yóò forí lé. (Bó bá sì ṣe oríire, ará Àjàṣẹ́ ni yóò jókòó nídìí igbá, Yorùbá ni wọn yóò fi ná ọjà náà parí. Ẹ má sọ ìyẹn fún ọmọ mi.) Kí ló wá dé tí ọmọ yìí fi ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Màdáàmù ní Párì láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù?

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì dùn mí dé egungun títí aládùúgbò wa kan fi ń parí ilé rẹ̀. Ọmọ Tógò ni ọ̀gá tó ń bá a lẹ táìsì. Mo mú ọmọ mi lọ bá a, kí ó lọ fi ohun tí mo ti ń tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun han ayé. Ọ̀sán ni, oòrùn ti yẹ àtàrí. Ọmọ mi tẹ eékún, ó ní, "Bọ́njúù, Mùsíè." Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ́nsùwáà, mà fíì! Bọ̀nù àrìfé!" Ọmọ mi gbójú sókè, ó wo oòrùn, ó wo ọ̀gá, ó wò mí. Ìwé rẹ̀ ti sọ fún un pé bọ́nsùwáà ni wọ́n ń kí ní alẹ́. Ní Lómè àti ní Kútọnù, bí ọ̀sán bá ti pọ́n báyìí, wọ́n ti kúrò nídìí bọ́njúù nìyẹn, bọ́nsùwáà ni títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bọ̀nù àrìfé ni wọ́n fi ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìyẹn kò tilẹ̀ sí nínú ìwé náà rárá.

Ọ̀gá kò sì dákẹ́ síbẹ̀, nítorí ọmọlúàbí ni. Ó béèrè ilé: "É là mẹ̀sọ́n?" Ó béèrè iṣẹ́. Ó wá béèrè ìyá rẹ̀: "É là mámọ́n?" Ọmọ mi ti rí i pé ìbéèrè ti pọ̀ jù, ó sì rántí pé lẹ́yìn ìbéèrè Màdáàmù, ìdáhùn kan ló wà. Ó fi ohùn dídùn dáhùn pé, "Sẹ́ tú. Mẹ̀sí."

Wọ́n bi í pé ìyá rẹ̀ ńkọ́, ó ní ó tán, ẹ ṣé. Ọ̀gá onítáìsì bọ́ fìlà, ó yíjú sí mi, ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ sọ pé Ọlọ́run á tu ìdílé nínú. Ìyá ọmọ náà wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní àkókò yẹn, ó ń bá ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè jà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọmọ yìí. Mo rí i pé kì í gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ó kàn ń dúró kí n dákẹ́ kí ó lè sọ tirẹ̀ ni. Àmì rẹ̀ wà: á ti dáhùn kí n tó béèrè tán, ojú rẹ̀ á wà lórí ìlà tó kàn nínú ìwé, ètè rẹ̀ á sì máa ka ipa tèmi sínú. Mo lọ bi ọ̀gá onítáìsì léèrè bí a ṣe ń sọ pé ọjà ti tán. Ó ní, "Ìlì nyọ́n à púlù." Lálẹ́, nígbà tí Mùsíè dé, tó béèrè bàgẹ́ẹ̀tì, mo rọra gbẹ́nu sọ pé, "Ìlì nyọ́n à púlù, Mùsíè." Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ mi sọ: "Sẹ́ tú. Sẹ́ kọ́mbíẹ̀n?" Ó fẹ́ sanwó búrẹ́dì tó ti tán! Ó sì na owó náà sí mi. Màdáàmù tí kò bá bẹ̀rù Ọlọ́run ì bá gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tó bí mi nínú jù, kí n tó padà sọ́jà. Orí kìíní ìwé náà ni ìkíni, ó sì kúrú ju gbèsè òtòṣì lọ: "Sàlú! Sà fá?" "Sà fá. É tùwá?" Wọ́n ti kíra tán nìyẹn, láàárín àwọn tí wọ́n ní ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Mo ti ọjà dé, kẹ́ẹ̀gì ṣì wà lórí mi, ọmọ tí mo bí jáde sí mi, ó ní, "Sàlú!" Mo ní kí ni? Ó ní, "É tùwá?" Tùwá, fún èmi! Àwọn Faransé ní "tù" fún ẹgbẹ́ ẹni, wọ́n ní "fù" fún àgbà àti ẹni tí a kò mọ̀ rí, gẹ́lẹ́ bí àwa ṣe ní "o" àti "ẹ". Lóòótọ́, ní ilé wọn lọ́hùn-ún, ọmọ ń fi tù bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Ìyẹn jẹ́ tiwọn. Nínú ilé tí mo ń san owó rẹ̀ yìí, fù ni èmi. Ẹ̀ṣẹ̀ ìwé náà ni pé kò kọ ọ́ sí orí ìtàkùrọ̀sọ ẹni tí àwọn méjèèjì jẹ́ sí ara wọn, ọdún mélòó ló wà láàárín wọn, ibo ni wọ́n ti pàdé. Ọmọ á kàn há a sórí, á wá máa sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní etí. Ní ìsọ̀, fù ni ẹni tó ń tà, fù ni ẹni tó ń rà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò sí níbẹ̀.

Mo gbé ẹjọ́ mi tọ olùkọ́ náà lọ. Ọ̀dọ́ ni, kíláàsì rẹ̀ kún débi pé àwọn kan ń gba ojú fèrèsé kọ́ Faransé. Ó gbà pé òótọ́ ni mo ń sọ, ó sì fún mi ní èsì tí n kò lè jiyàn. Ó ní ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan rí nínú èdè kan, ó ní láti kọ́kọ́ ní ohun tí yóò máa jẹ lẹ́nu. Bí kò bá sí ìwé ìtàkùrọ̀sọ, ọmọ méjì á kàn máa wo ara wọn ni. Òun kì í jẹ́ kí wọ́n máa kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Kí wọ́n wo ìlà, kí wọ́n gbójú sókè wo ẹnìkejì, ìgbà náà ni kí wọ́n tó la ẹnu. Lẹ́yìn náà òun á kọ ọ́ sójú pátákó, òun á máa fi dọ́sítà nu ọ̀rọ̀ kan kúrò, wọn á tún un sọ, òun á tún nu òmíràn, títí pátákó á fi ṣófo tí kíláàsì á ṣì máa sọ ọ́ lódindi. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe há a sórí dáadáa yẹn gan-an ni ọmọ mi ṣe pa ìyá rẹ̀ lójú ọ̀gá onítáìsì. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ní ìgbésẹ̀ tó kàn ló kù, èyí tí àyè kì í jẹ́ kí òun dé: kí a gé ìtàkùrọ̀sọ náà sí méjì, kí ẹnì kan má rí ti ẹnìkejì.

Èyí ni mo gbé wálé. Páálí méjì ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ èmi tí mo ń tajà sọ pé: epo pupa lo ń tà, 2,000 Sẹ́fà ni ìgò ńlá kan, má ṣe jẹ́ kó wálẹ̀ ju 1,500 lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tán lónìí, o kò ní ṣéńjì. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ mi sọ pé: àlejò ń bọ̀, epo àti òkìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni kí o rà, bébà 5,000 kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ. A yí ẹ̀yìn kọ ara wa kí ó má bàa máa ka ètè mi. Párì ti lọ, bàgẹ́ẹ̀tì ti lọ, ọjà tí mo mọ̀ ni a wà. Wílì rúùjù ni wọ́n ń pe epo pupa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Kíló tí ìwé ń pariwo rẹ̀ náà lọ, nítorí òkìtì ni àwọn ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún ń kó o sí, "ẹ̀n tá" ni wọ́n ń pè é. (Ohùn ìbẹ̀rẹ̀ rúùjù yẹn, ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà jáde. Ará Ọ̀yọ́ lè wá a títí. Àwa tí a ń pe owó ní eghó, ẹ̀gbẹ́ ibi tí gh wa wà ni tiwọn wà.)

Ó wọlé, ó kí mi ní bọ́nsùwáà, ó béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́. Inú mi dùn. Ó ní, "Wílì rúùjù, sẹ́ kọ́mbíẹ̀n?" Mo ní, "Dù mílì." Ó figbe ta: "Há! Sẹ́ tóró ṣẹ́ẹ̀! Dìmìnúé!" Orí mi wú. Ọmọ mi ti ń ná ọjà lédè Faransé! Mo ṣe bí ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, mo ní, "Mílì wíì sọ́n," ìyẹn 1,800. Kíá ló gbà á. Ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Èmi mọ̀ pé ẹni tó ń náwó ara rẹ̀ kì í fò sókè fún ẹ̀dín 200, pàápàá ọmọ Ìkálẹ̀. Mo ní kó kọ iye tí mo kọ́kọ́ pè sílẹ̀ fún mi. Ó kọ 10,000.

Ẹ wò ó bí a ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ìjàǹbá. Bébà 5,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé mo fi epo gún òun lọ́bẹ, ó sì tún rò pé mo gé 10,000 sí 1,800 nítorí ojú rẹ̀. Ìtàkùrọ̀sọ náà lọ geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sí ohun tó gbọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn ní kíkà, "dísì" ni wọ́n pe ẹẹ́wàá fún wọn, èyí sì ni etí rẹ̀ ń dúró dè. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bíi mílì bá ti tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ á gé, "dì mílì" ni yóò kù. Èjì sì ni "dù", tí fáwẹ̀lì rẹ̀ kò sí lẹ́nu Yorùbá kankan. Dù mílì, dì mílì: 2,000, 10,000. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ọ̀gá onítáìsì ló kọ́ wa: kí a pe "é" tiwa, ahọ́n kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, kí a wá ká ètè jọ roboto. Ohun tó jáde nìyẹn ni èjì. Bí a bá pe "í" tí a sì ká ètè jọ bákan náà, "tù" tí n kò gbà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. A jókòó níwájú dígí, èmi àti ọmọ mi, a ń ká ètè. Ìyá rẹ̀ kọjá, ó wò wá, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ mi ń ráhùn lórí iye wọn, ó ní àwọn Faransé ya wèrè, wọ́n ń pe ọgọ́rin ní ogún mẹ́rin, "kátì fẹ́ẹ̀n". Mo ní kí ni ọgọ́rin fúnra rẹ̀ jẹ́ bí kò ṣe ogún mẹ́rin? Ẹnu yà á. Ibi tí àwọn àti àwa ti yà ni márùndínlọ́gọ́rin: àwa yọ àrún kúrò nínú ọgọ́rin, àwọn fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ọgọ́ta. Òun ni kí ọmọ tó ń lọ Kútọnù mọ̀ dáadáa, nítorí ọjà kéékèèké ibẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni iye wọn ń fò: 25, 50, 75.

A tún ọjà náà ná, ó bọ́ sí 1,600. Ó na bébà 5,000 sí mi. Mo ní, "Pá dè mọ̀nẹ́." Kò sí ṣéńjì. Gbogbo ẹni tó bá ti rajà ní Kútọnù tàbí ní Lómè mọ gbólóhùn yìí ju orúkọ bàbá rẹ̀ lọ, kò sì sí nínú ìwé ọmọ mi láti orí kìíní dé orí ìkẹyìn. Ọmọ mi yíjú padà, ó ní, "Bàbá, kí ni kí n wá ṣe?" Mo ní Bàbá kò sí níbí. Ó ronú, ó ní kí n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un. Mo ní, "Ìlì nyọ́n à púlù." Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbọ́ ọ. Ó kùn, ó gbé ìgò epo náà kalẹ̀ tìbínútìbínú, ó ní, "Jè rèfíẹ̀n," òun ń bọ̀, ó sì jáde lọ wá ṣéńjì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Mo rò pé a ti borí. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ṣí orí mìíràn: "À là gáà", ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí kò sí ojú irin, wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí búrẹ́dì, wọ́n sọ mí di akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì. Mùsíè fẹ́ lọ sí Líyọ́n, àlọ àti àbọ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ọkọ̀ yóò gbéra ní aago mẹ́rìnlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Mo ní aago ta ló ní mẹ́rìnlá nínú? Mo ní kí ó jẹ́ kí n fi í sínú bọ́ọ̀sì Orẹ̀, bọ́ọ̀sì wa kì í wo aago, bó bá ti kún, ó ti gbéra nìyẹn. Ó ní kò sí ìyẹn nínú ìwé. Mo ní kí ó ká ìwé náà jọ kó lọ gé páálí méjì wá, kí ó má sì jẹ́ kí n rí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.